Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn Lẹ́yìn Ìbímọ: Àìsàn Tí Kì Í Pariwo

Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn Yorùbá ti mọ abísínwín. Ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ á máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, á máa sọ ìsọkúsọ, oorun á sì dá lójú rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò ní rí i. Ṣùgbọ́n àìsàn mìíràn wà tí kì í pariwo. Ẹni tí ó ń ṣe ń wẹ ọmọ, ó ń fún un lọ́yàn, ó sì ń dá àwọn tí ó ń kí i lóhùn, síbẹ̀ inú rẹ̀ ti ṣókùnkùn. Èyí ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbímọ. Nítorí pé kò jọ abísínwín, àwọn ará ilé sábà máa ń gbà pé àárẹ̀ lásán ni.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ẹkún ọlọ́jọ́ díẹ̀

Nígbà tí ibi ọmọ bá ti jáde, àwọn họ́mónù tí ó gbé oyún ró máa ń lọ sílẹ̀ lójijì. Nítorí náà, láàrin ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, ọ̀pọ̀ ìyá á máa sunkún láìnídìí, inú wọn á sì máa tètè bí. Èyí kì í ṣe àìsàn. Ó sábà máa ń rọlẹ̀ ní àsìkò ìsọmọlórúkọ, kì í sì í kọjá ọ̀sẹ̀ méjì. Kò béèrè oògùn; ìsinmi, oúnjẹ àti olùrànlọ́wọ́ ti tó.

Bí ó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí ìbànújẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ìyá náà kò ní rí adùn nínú ohunkóhun mọ́, á máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi, oúnjẹ kò sì ní wù ú jẹ. Oorun ni ó tètè máa ń tú àṣírí àìsàn yìí. Ìyá tí ó rẹ̀ lásán á sùn bí ẹnìkan bá gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú lè máà rí oorun sùn bí ọmọ tilẹ̀ ń sùn.

Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá kan tí ó gbé ọmọ rẹ̀ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ní orí ń fọ́ òun, ara òun sì ń gbóná. Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá rẹ̀, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà àti àìtó ẹ̀jẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Nígbà náà ni ó béèrè pé: “Ìyá, bí ọmọ bá sùn lóru, ṣé ẹ̀yin náà máa ń sùn?”

Ó dáhùn pé: “Rárá, mà. Ojú mi á là sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọmọ yìí kò tilẹ̀ ṣe mí bí ẹni pé èmi ni mo bí i.”

Nọ́ọ̀sì lo ìwé ìbéèrè 10 tí a ń pè ní Òṣùwọ̀n Ẹ́díńbọ̀rọ̀, tí àpapọ̀ máàkì rẹ̀ jẹ́ 30. Ìyá náà gba 16. Máàkì 13 sókè sábà máa ń fi hàn pé ó yẹ kí dókítà yẹ ènìyàn wò dáadáa, nítorí òṣùwọ̀n náà nìkan kò lè sọ pé àìsàn wà. Ìbéèrè ìkẹwàá dá lórí èrò àtiṣe ara ẹni ní ibi. Ẹni tí ó bá ní irú èrò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ rí dókítà lọ́jọ́ náà, bí máàkì rẹ̀ tilẹ̀ kéré.

Ìtọ́jú

Ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ sísọ ni a fi bẹ̀rẹ̀ fún ìyá yìí. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, òun àti olùtọ́jú á mú ìṣòro kan ṣoṣo, wọn á wá ìgbésẹ̀ kékeré tí ó ṣeé ṣe, wọn á sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e bóyá ó ṣiṣẹ́. Òru ni wọ́n kọ́kọ́ mú: lẹ́yìn ọmú alẹ́, ọkọ rẹ̀ á gbé ọmọ lọ sí yàrá kejì títí di ìgbà ọmú mìíràn.

Bí àìsàn náà bá le, dókítà lè fi oògùn kún un. Sẹ́tírálínì wà lára èyí tí wọ́n sábà máa ń yàn fún abiyamọ, nítorí pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń wọ inú ọmú. Kò pọn dandan kí a já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí ìyípadà tó hàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti máa ń pa á tì. Lẹ́yìn tí ara bá ti yá, a sábà máa ń lò ó fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà sí i, kí àìsàn náà má bàa padà. Dókítà ni yóò sọ bí a ó ṣe dín in kù.

Ṣùgbọ́n bí ìyá bá ń gbọ́ ohùn, tàbí tí ó ní èrò àtipa ara rẹ̀ tàbí ọmọ, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ má sì dá ọmọ dá a. Ilé ìwòsàn ìjọba tí dókítà wà ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Fún àwọn àmì yòókù, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí ẹ ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.