Lẹ́tà sí Ọ̀gá Nítorí Ẹ̀fọ́rí Túúlu

Bí ẹ̀fọ́rí túúlu kò bá rí ìtọ́jú, ó lè dá ènìyàn dúró fún wákàtí 4 sí 72. Apá kan orí á máa fọ́ bí ẹni pé ó fẹ́ là, èébì á máa gbé e, kò sì ní fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀ tàbí gbọ́ ariwo. Àìsàn náà kò hàn síta, nítorí náà ọ̀gá lè rò pé ọ̀lẹ ni òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́, Òfin Ìdọ́gba ọdún 2010 lè ka irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ mọ́ àkàndá ẹ̀dá, bí àìsàn náà bá ń dí i lọ́wọ́ gidigidi nínú ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́, tó sì ti pé ọdún kan tàbí tó jọ pé yóò pé bẹ́ẹ̀. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe àtúnṣe tó bá mọ́gbọ́n wá, kò sì gbọdọ̀ gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá mọ̀ nípa àìsàn náà, tí kò sì sí ọ̀nà tí ì bá fi mọ̀, òfin kò lè mú un. Ìwúlò lẹ́tà nìyẹn.

Àkọsílẹ̀ ni ó ń ṣáájú lẹ́tà. Fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, kí òṣìṣẹ́ máa kọ ọjọ́ tí orí fọ́ ọ, wákàtí rẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe, bó ṣe sùn àti oògùn tó lò. Ti oògùn yìí ṣe pàtàkì. Ẹni tó ń lo parasitamọ́ ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù lè rí i pé oògùn gan-an ló ń fa ẹ̀fọ́rí. Dókítà ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò kó tó di ọ̀gá.

Ká ní obìnrin kan ń dáhùn fóònù àwọn oníbàárà. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ fi hàn pé márùn-ún ni ìkọlù inú oṣù kan, mẹ́ta nínú wọn sì jẹ́ ọjọ́ kejì tó kúrò ní iṣẹ́ òru bọ́ sí ti àárọ̀. Bó bá kọ ọ́ pé “ẹ dín iṣẹ́ mi kù,” ọ̀gá kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó yẹ kó kọ ni iye ìkọlù náà, ìgbà tí wọ́n ń dé, àti pé òun kò lè ka ojú kọ̀ǹpútà nígbà náà. Kó wá béèrè iṣẹ́ àárọ̀ nìkan, ìjókòó tó jìnnà sí iná tó ń ṣẹ́jú, àti yàrá tó dákẹ́ tí yóò sinmi sí bó bá ti lo oògùn. Kó sọ iṣẹ́ tí yóò ṣì máa ṣe, kó sì dábàá pé kí wọ́n dán an wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kí wọ́n tó jókòó yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́tà dókítà á bá a lọ.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó béèrè ni yóò rí gbà. Owó tí àtúnṣe yóò ná àti bí iléeṣẹ́ ṣe tóbi tó wà lára ohun tí wọ́n máa ń wò. Bí iṣẹ́ òru kò bá ṣeé yẹ̀, ọ̀gá lè dín bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ kù. Bí wọ́n bá kọ̀ láìnídìí, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn sí àjọ Acas kó tó lè gbé ẹjọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Àkókò tí òfin fún un kò gùn, nítorí náà kí ó tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà rẹ̀ pẹ̀lú déètì tó fi í ránṣẹ́.