Ṣé Ká Ra Ẹ̀rọ Ni àbí Ká Háyà Rẹ̀?

Ká mú ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, l'Ékòó. Ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ jẹ́ mílíọ̀nù 10 náírà. Ẹlẹ́rọ ní òun lè háyà rẹ̀ fún wọn fún ọdún 4, ní mílíọ̀nù 3.2 lọ́dọọdún. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 12.8, ó wá dà bíi pé ríra ló dínwó.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó tí a ó san lọ́dún mẹ́ta sí i kò wúwo tó owó òní, ìnáwó sì máa ń dín owó orí kù.

Ká ní owó orí èrè jẹ́ 30%, tí èlé báńkì jẹ́ 20%. Èlé náà ń dín owó orí kù, nítorí náà 14% la ó fi díwọ̀n owó ọjọ́ iwájú.

Bí wọ́n bá rà á, ká ní wọ́n ń yọ mílíọ̀nù 2.5 kúrò nínú èrè lọ́dọọdún fún ògbó ẹ̀rọ. Èyí dín owó orí kù ní 750,000 náírà lọ́dún, iye rẹ̀ lónìí jẹ́ mílíọ̀nù 2.19. Ká ní wọ́n tà á ní mílíọ̀nù 2 nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn owó orí, iye ìyẹn lónìí jẹ́ 830,000. Ìnáwó gidi kò pé mílíọ̀nù 7.

Owó háyà, lẹ́yìn owó orí, jẹ́ mílíọ̀nù 2.24 lọ́dún. Bó bá jẹ́ ìparí ọdún ni wọ́n ń san án, iye rẹ̀ lónìí jẹ́ mílíọ̀nù 6.53. Háyà ló borí.

Ṣùgbọ́n bí ẹlẹ́rọ bá ń gba owó rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọdún, tí owó orí ṣì ń dín kù níparí ọdún, ìnáwó háyà di mílíọ̀nù 7.83. Ríra ló borí nìyẹn.

Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bèèrè ọjọ́ ìsanwó. Bí ilé-iṣẹ́ yín kò bá sì í san owó orí èrè, ẹ yọ àǹfààní owó orí kúrò nínú ìṣirò méjèèjì.