Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Ọ̀rọ̀ Alága Ẹgbẹ́ Onílé lórí Adójútòfò Ilé

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Síbẹ̀ wáyà tó ti gbó wà lókè àjà ọ̀pọ̀ nínú wa. Iná, mànàmáná àti gáàsì ìdáná tó bú ni ìwé adójútòfò iná ń dúró fún. Ṣùgbọ́n ti àgbàrá tó ń wó ògiri àti ti ìjì tó ń ṣí páànù, àfi kí a ní kí ilé-iṣẹ́ adójútòfò fi kún un, kí a sì san owó tirẹ̀. Àwa ọmọ Ìbàdàn tí a rí ohun tí odò Ògùnpa ṣe ní 1980, kò yẹ kí ìyẹn ṣòro fún wa.

Èyí tó ń dùn mí jù ni iye tí a ń pe ilé. Kì í ṣe iye tí a lè tà á, nítorí iná kì í jó ilẹ̀. Iye tí a ó fi tún un kọ́ lónìí ni. Ká ní mílíọ̀nù 40 náírà ni yóò tún un kọ́, tí onílé wá pè é ní mílíọ̀nù 20 kí owó ọdọọdún lè fúyẹ́: bí iná bá ba iṣẹ́ mílíọ̀nù 10 jẹ́, mílíọ̀nù 5 péré ni wọn yóò san, nítorí ìdajì ilé náà ló fi sábẹ́ ààbò. Bí símẹ́ǹtì sì ti ń gbówó lórí, ẹni tó pè é pé tẹ́lẹ̀ náà lè bọ́ sínú ọ̀fìn yìí láìpurọ́. Nítorí náà, ẹ pe ẹni tó mọ ilé díwọ̀n kí ọjọ́ àtisọ ìwé dọ̀tun tó pé.