Ohun Tí Ìtọ̀ Ọjọ́ Kan Lè Sọ Nípa Oúnjẹ Aláìsàn

Ẹ jẹ́ kí a mú káfíńtà kan, ọkùnrin ẹni ọdún 34 tó wọn kílò 60, ṣe àpẹẹrẹ. Táífọ́ọ̀dù ló dá ihò sí i ní ìfun, àìsàn kan tí àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ nílẹ̀ wa mọ̀ bí ẹni mowó. Wọ́n ti ṣí ikùn rẹ̀, wọ́n ti rán ihò náà, wọ́n sì ti fọ inú rẹ̀ mọ́. Ó di ọjọ́ kẹfà báyìí, ó ti ń jẹun. Ìyàwó rẹ̀ ń gbé ògì onímílíìkì wá láàárọ̀ àti lálẹ́, ó ń fi ẹyin kan àti mọ́ínmọ́ín kan tì í lọ́sàn-án. Àwọn ará ilé ń dúpẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ti yá. Síbẹ̀ apá rẹ̀ ń rù sí i lójoojúmọ́, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kò sì tíì fẹ́ pàdé. Ṣé oúnjẹ yìí tó o? Ojú lásán kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn, ṣùgbọ́n ìtọ̀ tí ọkùnrin yìí bá tọ̀ láàárín wákàtí 24 lè dáhùn rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé náítírójìn wà nínú purotéènì, èyí tí kò sí nínú ṣúgà tàbí ọ̀rá. Nínú purotéènì gíráàmù 100, nǹkan bí gíráàmù 16 ló jẹ́ náítírójìn. Nítorí náà, bí a bá mọ iye purotéènì tí ènìyàn jẹ, tí a fi 6.25 pín in, a ó mọ iye náítírójìn tó wọlé sí i lára. Bí ara bá sì tú purotéènì palẹ̀, yálà ti oúnjẹ tàbí ti iṣan ara fúnra rẹ̀, náítírójìn tó jáde níbẹ̀ á di amóníà, tí í ṣe májèlé. Ẹ̀dọ̀ ló ń sọ amóníà náà di yúríà tí kò lè pani lára, kíndìnrín á sì dà á sínú ìtọ̀. Àwọn àgbẹ̀ tó ń kà mí mọ yúríà dáadáa. Yúríà tí wọ́n ń rà ní àpò, tí wọ́n ń fi sí ìdí àgbàdo, gan-an ni. Nọ́ńbà 46 tí wọ́n kọ sára àpò náà ń sọ pé nínú ìwọ̀n 100, 46 jẹ́ náítírójìn. Yúríà inú ìtọ̀ rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, ó lé díẹ̀ ni: tí a bá mọ gíráàmù yúríà tó wà níbẹ̀, a ó sọ ọ́ di ìlọ́po 0.467, a ó sì ní gíráàmù náítírójìn.

Láyé àtijọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà rò ni pé rírù tí aláìsàn ń rù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kò ju àìjẹun lọ. David Cuthbertson ló fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìlú Glasgow, ní nǹkan bí ọdún 1930, ó ń wọn ìtọ̀ àwọn tí egungun ẹsẹ̀ wọn kán, ó sì rí i pé náítírójìn tó ń bá ìtọ̀ wọn jáde pọ̀ ju ohun tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lè mú wá lọ. Iṣan gbogbo ara ló ń tú. Ẹni tí ebi ń pa lásán, ara rẹ̀ á kọ́ bí a ti ń ṣọ́ nǹkan ná láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ara ẹni tó gba ọgbẹ́ tàbí tí kòkòrò àrùn wà nínú rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣe ló ń dà bí ẹni tó ń yọ igi àjà ilé rẹ̀ dáná, nítorí pé ó nílò ohun tí yóò fi rán ọgbẹ́ àti ohun tí yóò fi bá àrùn jà, kò sì lè dúró kí oúnjẹ dé.

Bí wọ́n ṣe ń gba ìtọ̀ náà rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Ká ní aago méje àárọ̀ ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀. Aláìsàn á tọ̀ ní aago méje, wọn á da ìyẹn nù. Láti ìgbà yẹn lọ, gbogbo ìtọ̀ tó bá tọ̀, ọ̀sán àti òru, inú kẹ́ẹ̀gì kan ni yóò wọ̀. Ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, yóò tún tọ̀, èyí náà á sì wọ inú kẹ́ẹ̀gì. Bí rọ́bà ìtọ̀ bá wà lára rẹ̀, wọn á tú àpò rẹ̀ dànù ní aago méje, wọn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ. Ibi tútù ni kẹ́ẹ̀gì náà gbọ́dọ̀ wà, torí pé nínú ooru, kòkòrò á sọ yúríà padà di amóníà, á sì fẹ́ lọ. Òórùn tó ń ta ni nímú ní ilé ìtọ̀ tí wọn kò fọ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ kan náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa kọ oúnjẹ sílẹ̀, kó jẹ́ ohun tó wọ ikùn aláìsàn gan-an, kì í ṣe ohun tí wọ́n gbé wá.

Káfíńtà wa jẹ purotéènì gíráàmù 40 lọ́jọ́ náà. Fi 6.25 pín in, náítírójìn gíráàmù 6.4 ló wọlé. Ìtọ̀ inú kẹ́ẹ̀gì jẹ́ mílílítà 950, láàbù sì sọ pé lítà kọ̀ọ̀kan ní yúríà gíráàmù 16.8. Àpapọ̀ yúríà jẹ́ gíráàmù 16, náítírójìn inú rẹ̀ sì jẹ́ 7.5. A ó fi 4 kún un fún èyí tí a kò wọ̀n: ti inú ìgbẹ́, ti awọ ara àti irun, àti náítírójìn inú ìtọ̀ tí kì í ṣe yúríà. Èyí tó jáde wá jẹ́ 11.5. Yọ ọ́ kúrò nínú 6.4, gbèsè gíráàmù 5 ló kù. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ńlá, gbèsè bẹ́ẹ̀ kì í ba dókítà lẹ́rù. Wọn ì bá ti kọ ọ́ sínú fáìlì, kí wọ́n sì kọjá.

Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kan ní kí láàbù wo kiriatínìn inú ìtọ̀ yẹn kan náà. Iṣan ló ń mú kiriatínìn wá, iye tó sì ń mú wá lójúmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ọkùnrin tó jẹ́ géńdé á mú nǹkan bí mílígíráàmù 20 sí 25 jáde fún kílò ara kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ 1,200 sí 1,500 fún ẹni kílò 60. Ẹni tó ti rù gan-an lè kéré sí i. Ti káfíńtà wa jẹ́ 690. Nọ́ọ̀sì bi ìyàwó léèrè, obìnrin náà sì sọ òótọ́: lóru, ó mú ọkọ rẹ̀ lọ sí ilé ìtọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò mọ̀ pé ìyẹn náà wà lára iṣẹ́.

Wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, oúnjẹ kò sì yí padà. Lọ́tẹ̀ yìí ìtọ̀ jẹ́ lítà 1.8, kiriatínìn rẹ̀ jẹ́ 1,310. Yúríà jẹ́ gíráàmù 30.2, náítírójìn rẹ̀ jẹ́ 14.1. Fi 4 kún un, ó di 18.1. Gbèsè náà kì í ṣe 5 mọ́, ó ti di 11.7. Gíráàmù náítírójìn kan dúró fún nǹkan bí gíráàmù 30 ẹran ara tútù. Ọkùnrin yìí ń pàdánù gíráàmù 350 lójúmọ́, ó lé díẹ̀ ju ìdá mẹ́ta kílò kan lọ.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àṣìṣe méjèèjì tó wọ́pọ̀ jù, apá kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ sí. Ìtọ̀ tó dànù máa ń mú kí gbèsè dà bíi pé ó kéré. Oúnjẹ tí wọ́n kọ sílẹ̀ àmọ́ tí aláìsàn kò jẹ tán máa ń ṣe bákan náà. Àwọn méjèèjì ń sọ fún dókítà pé ara aláìsàn ń balẹ̀ nígbà tí kò balẹ̀. Àṣìṣe kẹta ń lọ sí òdìkejì: bí ẹnì kan bá ka gíráàmù 30 yúríà bíi gíráàmù 30 náítírójìn, gbèsè á di ohun ẹ̀rù. Ẹ rí i dájú pé ohun tí láàbù kọ ni ẹ mọ̀, ṣé yúríà ni tàbí náítírójìn inú yúríà.

Nígbà tí gbèsè ti hàn, iṣẹ́ méjì ló wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni láti wá ohun tó ń tú iṣan. Ibà káfíńtà wa kò lọ, wọ́n yẹ ikùn rẹ̀ wò, ọyún wà níbẹ̀, wọ́n sì fà á jáde. Bí ọyún bá wà nínú, ẹyin púpọ̀ kò lè dá ìtú náà dúró. Iṣẹ́ kejì ni oúnjẹ: gíráàmù 1.5 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ 90 fún un. Ìyàwó rẹ̀ pọ̀ ẹyin sí mẹ́ta, tó jẹ́ bíi 18. Ó ń po ẹ̀lúbọ́ sóyà gíráàmù 60 sínú ògì lójúmọ́, ìyẹn jẹ́ bíi 21, ó sì fi mílíìkì oníyẹ̀fun gíráàmù 60 sí i, bíi 15. Ẹja tí wọ́n ti yọ egungun rẹ̀, gíráàmù 100, jẹ́ bíi 22. Mọ́ínmọ́ín ńlá kan jẹ́ bíi 12. Ó di 88. Wọ́n rí i pẹ̀lú pé agbára oúnjẹ rẹ̀ tó kálórì 1,500 sí 1,800, torí pé bí epo àti oúnjẹ oníṣítáàṣì bá kéré, ara á fi purotéènì náà dáná.

Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún wọ́n tún gba ìtọ̀. Náítírójìn tó wọlé jẹ́ 14.1. Ìtọ̀ jẹ́ lítà 1.6, yúríà inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 24, náítírójìn rẹ̀ jẹ́ 11.2, pẹ̀lú 4, ó di 15.2. Gbèsè kù sí 1.1. Kò tíì di èrè, ṣùgbọ́n oúnjẹ náà tó fún ìgbà yẹn. Èrè gíráàmù 2 sí 4 ni wọn yóò máa retí nígbà tí ibà bá ti lọ pátápátá tó sì ń rìn.

Ìṣirò yìí ní ibi tí kò lè dé. Bí kíndìnrín bá ti ń kùnà, yúríà á jókòó sínú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ á sì purọ́ pé gbogbo nǹkan dára. Yúríà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń ga sí i ni yóò tú àṣírí náà. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń yọ aláìsàn lẹ́nu, tàbí tí omi ìfun ń jò jáde láti ojú ọgbẹ́, tàbí tí iná jó o, 4 tí a fi kún un kò tó. Nínú àwọn ipò wọ̀nyí, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà náà nìkan.

Ní wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn wa, ẹbí ló ń gbé aláìsàn lọ tọ̀, ẹbí ló sì ń bọ́ ọ. Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì bá gbé kẹ́ẹ̀gì kan fún yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kó sọ aago tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti aago tí yóò parí. Ẹ má da ẹ̀kán ìtọ̀ kan nù láàárín méjèèjì. Bí ó bá sì dànù, ẹ má bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.