Àṣìkà Nínú Àtẹ Òǹkà: Bí Àpapọ̀ Ìbú àti Àpapọ̀ Òòró Ṣe Ń Tú Àṣírí Rẹ̀

Olùkọ́ jọ́gíráfì kan ní ìlú Òfíkì, ní agbègbè Òkè-Ògùn, ni ó fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí mi. Ó ti kọ ẹ̀kọ́ kan ní èdè Yorùbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lórí ìkànìyàn ọdún 2006. "Ọ̀mọ̀wé," ni ó wí, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yẹ èdè rẹ̀ wò." Èdè náà dán mọ́rán. Gbólóhùn kan ni ó dá mi dúró: ó ní àwọn obìnrin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi 476,030 ju àwọn ọkùnrin lọ, ó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀, pé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Òkè-Ògùn ń lọ wá iṣẹ́ sí Èkó àti sí ilẹ̀ Kodifúà. Ta ni ọmọ Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn tí yóò gbọ́ èyí tí kò ní gbà á gbọ́? Èmi pàápàá gbà á gbọ́, títí tí mo fi mú kálámù, tí mo ro iye ọkùnrin pọ̀ mọ́ iye obìnrin, tí èsì tí mo rí kò sì bá àpapọ̀ tí ó wà ní ìparí ìlà náà mu.

Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé àwọn ọkùnrin ni ó pọ̀ jù nínú àbájáde náà, ìyàtọ̀ wọn kò sì ju 23,970 lọ. Àmì òǹkà kan ṣoṣo ni ó yí padà, tí ó sì bí ìtàn odidi kan.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Inú ìwé kan tí ó ti gbó ni àtẹ náà wà. Olùkọ́ náà fi fóònù rẹ̀ ya fọ́tò ojú ewé náà, ó sì jẹ́ kí ẹ̀rọ tí ń ka ọ̀rọ̀ láti inú fọ́tò kà á sínú kọ̀ǹpútà. Ojú ewé náà tẹ̀ kọdọrọ níbi tí wọ́n ti dì í, òjìji sì bo apá kan rẹ̀. Níbi tí yíǹkì bá ti ṣá ní apá òsì 8, 3 ni ẹ̀rọ yóò rí. Bí orí 7 bá parẹ́, yóò di 1. Bí ìdọ̀tí bá sì lẹ̀ mọ́ orí 1, yóò di 7. Ohun tí ẹ̀rọ náà gbé jáde ni èyí:

| Ìpínlẹ̀ | Ọkùnrin | Obìnrin | Àpapọ̀ |
|---|---|---|---|
| Èkìtì | 1,215,481 | 1,183,470 | 2,398,957 |
| Èkó | 4,719,125 | 4,394,480 | 9,113,605 |
| Ògùn | 1,864,907 | 1,886,233 | 3,751,740 |
| Oǹdó | 1,745,057 | 1,715,820 | 3,460,877 |
| Ọ̀ṣun | 1,734,149 | 1,682,810 | 3,416,959 |
| Ọ̀yọ́ | 2,302,432 | 2,778,462 | 5,580,894 |
| Àpapọ̀ | 14,081,157 | 13,641,275 | 27,722,432 |

Kí á tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí á fi ẹnu kò lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó lò. Ìlà tí ó lọ láti òsì sí ọ̀tún ni a ó pè ní ìlà ìbú. Èyí tí ó lọ láti òkè sí ìsàlẹ̀ ni ìlà òòró. Ibi tí ìlà ìbú kan àti ìlà òòró kan ti pàdé ni mo ń pè ní ojúlé, nítorí pé iye kọ̀ọ̀kan ń gbé ní ojúlé tirẹ̀, kọ̀ǹpútà pàápàá sì ń fún un ní àdírẹ́sì. Àṣìkà ni mo pe àṣìṣe ẹ̀rọ náà. Ọ̀rọ̀ yìí dára fún iṣẹ́ wa, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, 'kà', ni Yorùbá ń lò fún ìwé kíkà àti fún owó kíkà. Àṣìṣe tí à ń wí yìí sì jẹ́ ti méjèèjì. Bí ìròpọ̀ wa bá ju àpapọ̀ tí a tẹ̀ sínú ìwé lọ, ó ní èlé. Bí kò bá tó o, ó ní àdínkù. 'Lé' àti 'dín' kò ṣàjèjì sí ètò òǹkà wa.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ ní ṣíṣe ni pé kí á má ṣe pa àpapọ̀ inú ìwé rẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń sọ pé, "Kọ̀ǹpútà mọ ìròpọ̀, kí ni mo fẹ́ fi ti inú ìwé ṣe?" Wọ́n á wá jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣírò àpapọ̀ mìíràn láti inú àwọn iye tí ó ti ní àṣìkà nínú. Lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo àtẹ yóò dọ́gba, tí ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí a ní yóò sì ti lọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, ṣe ni kí á kọ àpapọ̀ inú ìwé sílẹ̀ bí ó ti wà, kí á sì fi ìlà òòró kan àti ìlà ìbú kan kún àtẹ náà fún ìyàtọ̀ nìkan. Bí orúkọ àwọn ìpínlẹ̀ bá wà ní A, tí Èkìtì bẹ̀rẹ̀ ní ìlà 2, tí àpapọ̀ ìsàlẹ̀ sì wà ní ìlà 8, ohun tí a ó kọ ni:

```
E2:  =B2+C2-D2
B9:  =SUM(B2:B7)-B8
```

A ó da ti E2 kọ títí dé E8, a ó sì da ti B9 kọ sí C9 àti D9. Òdo ni ó yẹ kí ó wà níbi gbogbo. Nínú àtẹ ti Òfíkì, ìlà ìbú mẹ́ta ni kò mú òdo wá: Èkìtì ní −6, Ògùn ní −600, Ọ̀yọ́ ní −500,000. Ní ìsàlẹ̀, ìlà òòró ọkùnrin ní −500,006, ti obìnrin jẹ́ òdo, ti àpapọ̀ sì ní 600.

Ẹ jẹ́ kí á mú ti Ọ̀yọ́. Àdínkù 500,000 lè túmọ̀ sí pé iye ọkùnrin tàbí iye obìnrin kéré jù, ó sì lè jẹ́ pé àpapọ̀ ìlà náà ni ó pọ̀ jù. Ìlà òòró ni yóò là wá. Ti obìnrin kò ní ìyàtọ̀, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé àpapọ̀ ni a ṣì kà, ìlà òòró àpapọ̀ ì bá ní èlé 500,000, ṣùgbọ́n 600 péré ni ó ní. Ó ku ọkùnrin, àdínkù ìlà òòró rẹ̀ sì jẹ́ 500,006, èyí tí ó jẹ́ 500,000 ti Ọ̀yọ́ àti 6 ti Èkìtì, láìlé láìdín. Ìpàdé ìlà méjèèjì ti fi ojúlé hàn wá. Títóbi ìyàtọ̀ náà sì tún sọ èyí tí ó kù: ipò kẹfà láti ọ̀tún ni ó ti dín, ó sì fi 5 dín. Àmì tí ó wà ní ipò kẹfà nínú 2,302,432 ni 3. Fi 5 kún un, 8 ni. A padà sí fọ́tò, a fẹ̀ ẹ́ lójú, a sì rí apá òsì 8 náà tí ó ti ṣá. 2,802,432 ni iye náà. Ti Èkìtì kò gba àkókò: 6 ni ó dín ní ipò ẹyọ, 1 náà yóò di 7, ó sì di 1,215,487.

Ti Ògùn ni ó gba àròjinlẹ̀ díẹ̀. Ìlà ìbú rẹ̀ ní àdínkù 600, ṣùgbọ́n ìlà òòró ọkùnrin àti ti obìnrin kò ní àlàfo fún 600 kankan mọ́. Ìlà òòró àpapọ̀ ni ó ní i, èlé ni ó sì jẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí iye kan náà bá jẹ́ àdínkù ní ìbú, tí ó sì jẹ́ èlé ní òòró, ojúlé àpapọ̀ ni kí á lọ yẹ̀ wò, nítorí pé ìbú ń yọ àpapọ̀ kúrò, òòró sì ń rò ó mọ́ ìyókù. 3,751,740 yóò di 3,751,140.

Mo fẹ́ tẹnu mọ́ ìpadàsẹ́yìn sí fọ́tò náà. Ìṣirò ń sọ ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ìwé ni ó ń sọ ohun tí ó wà níbẹ̀ gan-an. Bí fọ́tò bá fi hàn gbangba pé 3 ni wọ́n tẹ̀, àṣìṣe ti inú ìwé ni, kì í ṣe ti ẹ̀rọ. A ó fi 3 náà sílẹ̀, a ó sì kọ àkíyèsí sí abẹ́ àtẹ. Bákan náà, àtẹ ìdá-nínú-ọgọ́rùn-ún lè fi 0.1 lé tàbí kí ó fi 0.1 dín láìsí àṣìkà kankan, nítorí pé wọ́n ti gé ìdá kéékèèké kúrò.

Kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ni ó ń ṣì í kà. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ń tún àtẹ náà tẹ̀ ní ọwọ́, ó sọ 1,864,907 ti Ògùn di 1,846,907. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 18,000, èyí kò sì jọ ti àmì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n 9 pín in geere: 9 ní ọ̀nà 2,000. Bí àmì méjì tí ó fara kan ara wọn bá pààrọ̀ ipò, 9 gbọ́dọ̀ pín ìyàtọ̀ náà. 2 tí ó sì wà nínú 2,000 ni ìyàtọ̀ láàárín 6 àti 4 tí ó pààrọ̀.

Etí pẹ̀lú ní àṣìṣe tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń ka àtẹ sókè kí ẹlòmíràn máa tẹ̀ ẹ́, orúkọ òǹkà Yorùbá kò ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín: nínú 'márùndínláàádọ́ta', a gbọ́ àrún àti àádọ́ta, a kò gbọ́ 4 rárá, bẹ́ẹ̀ 45 ni à ń kọ. Ó sàn kí á máa pe àmì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Síbẹ̀, bí ojú ṣe ń da 3 pọ̀ mọ́ 8, bẹ́ẹ̀ ni etí ń da 'èje' pọ̀ mọ́ 'èjì' àti 'ẹ̀jọ'. Èlé tàbí àdínkù 5 tàbí 1 nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, etí ni kí á kọ́kọ́ fura sí.

Ọ̀nà yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí a bá fi iye ọkùnrin Oǹdó sí ojúlé obìnrin, tí a sì fi ti obìnrin sí ti ọkùnrin, gbogbo ìlà ìbú ni yóò dọ́gba. Ìlà òòró méjì nìkan ni yóò ké, ọ̀kan pẹ̀lú àdínkù 29,237, èkejì pẹ̀lú èlé 29,237. A ó wá ìpínlẹ̀ tí iye yẹn jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ọkùnrin àti obìnrin rẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni kí odidi ìlà méjì pààrọ̀ orúkọ, kí iye Èkìtì wà lábẹ́ Èkó, kí ti Èkó wà lábẹ́ Èkìtì. Gbogbo àpapọ̀ ni yóò pé pérépéré, nítorí pé ìròpọ̀ kò mọ orúkọ. Ojú ènìyàn nìkan ni ó lè rí i. A sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí á má ṣe mú ewé kan láti inú ìwé kan kí á fi kún ewé ìwé mìíràn: iye àkọ́kọ́ tí wọ́n kéde fún Nàìjíríà lẹ́yìn ìkànìyàn náà ni 140,003,542, ṣùgbọ́n 140,431,790 ni ó wà nínú àbájáde ìkẹyìn tí ìjọba àpapọ̀ tẹ̀ jáde ní 2009. Bí a bá da méjèèjì pọ̀, ìyàtọ̀ wúruwùru ni yóò kún gbogbo ìlà, kò sì sí àmì kan tí a lè tún ṣe.

Nígbà tí a parí àtúnṣe, olùkọ́ náà bi mí pé, "Ọ̀mọ̀wé, ṣé irọ́ wá ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí wọ́n lọ sí Èkó ni?" Mo ní kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n àtẹ yìí kò sọ ọ́. Iye gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ó wà nínú rẹ̀, Ìbàdàn wà níbẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ wà níbẹ̀. Òfíkì kò hàn. Àtẹ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ni yóò nílò, níbi tí Atisbo ti ní ìlà tirẹ̀. Ó ti ya fọ́tò ewé náà báyìí. Ó ní òun tẹ́ ìwé náà pẹrẹsẹ sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, òun sì fi dígí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó má baà tẹ̀ kọdọrọ.