Ìdá 96 tí kò dín ìdúró kù

Ìyá kan tó ń ta aṣọ lórí ayélujára pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ní àwọn oníbàárà ń ráhùn. Bí wọ́n bá tẹ "àǹkàrá pupa" síbi tí wọ́n ti ń wá aṣọ, ó ń tó ìṣẹ́jú-àáyá kan gbáko kí aṣọ tó jáde, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì tún wá burú, wọn a ti bá tiwọn lọ. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ ti fi nǹkan tí yóò mú un yá sí i?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó wà níbẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa." Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo nọ́ńbà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni: ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún. Nọ́ńbà náà kò purọ́. Èmi ni mo kà á bí ẹni pé ó dáhùn ìbéèrè tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ rárá.

Nǹkan tí yóò mú un yá yẹn là ń pè ní káàṣì. Ó jọ orúkọ owó lẹ́nu, àmọ́ kò kan owó. Ẹ jẹ́ ká ní aláṣọ kan ní ìsọ̀ nísàlẹ̀, ó sì ní yàrá ẹrù lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kò ní máa gun òkè ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá béèrè léèsì funfun. Á kó ìwọ̀nba èyí tí wọ́n ń béèrè jù síwájú ìsọ̀. Iwájú ìsọ̀ yẹn ni káàṣì. Yàrá òkè ni dátábéèsì, níbi tí gbogbo ẹrù wà, tí lílọ síbẹ̀ sì ń gba àsìkò. Bí a bá wá nǹkan dé iwájú ìsọ̀ tí a bá a níbẹ̀, bíbá nìyẹn. Bí a ò bá bá a, àìbá ni: a ó gun òkè, a ó mú un wá fún oníbàárà, a ó sì fi ẹyọ kan síwájú ìsọ̀ nítorí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n iwájú ìsọ̀ kò gbòòrò. Tó bá kún, ohun kan ní láti kúrò kí òmíràn tó ráyè. Lílé jáde la ó máa pe ìyẹn.

Redis, tí Salvatore Sanfilippo ará Ítálì gbé jáde ní 2009, ni káàṣì tí ìkànnì ìyá yìí ń lò. Ó máa ń ka bíbá, àìbá àti lílé jáde fúnra rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti tan án. Ó ti pé ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n tan eléyìí nígbà tí mo wò ó. Mo ti sọ nọ́ńbà rẹ̀ di gbígún díẹ̀ níhìn-ín kó lè rọrùn láti ṣírò:

```
redis-cli INFO stats

expired_keys:0
evicted_keys:188000
keyspace_hits:4800000
keyspace_misses:200000
```

Ìlà kẹta ni bíbá, ìkẹrin ni àìbá. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, ó di mílíọ̀nù márùn-ún ìbéèrè. Ẹ fi bíbá pín sí i, ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ìlà kejì sọ iye ohun tí wọ́n lé jáde nítorí pé àyè kún. Ìlà àkọ́kọ́ sọ iye èyí tó kúrò fúnra rẹ̀ nítorí pé àkókò tí a dá fún un pé. Wákàtí mẹ́rìnlélógún la dá fún èsì ìwáṣọ kọ̀ọ̀kan.

Lílé jáde 188,000 ló bà mí lẹ́rù. Mo ronú pé iwájú ìsọ̀ ti kéré jù, pé a ń lé ọjà tó dára jáde kí ẹni tó fẹ́ ẹ tó dé. Mégábáìtì 256 ni mẹ́mọ́rì tí a fún káàṣì náà. Mo dá a lábàá pé kí ìyá san owó kún un kó di gígábáìtì kan. Ó sanwó. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, `evicted_keys` dúró gbọn-in, kò kúrò lójú kan mọ́. Ìdá bíbá ṣì jẹ́ 96. Àwọn oníbàárà sì ṣì ń dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá kan bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ìyẹn ni mo fi kọ́ bí a ṣe ń ka lílé jáde. Nọ́ńbà rẹ̀ nìkan kò lè sọ bóyá ohun tí wọ́n lé jáde jẹ́ ọjà tàbí ìdọ̀tí. Àìbá ló mọ̀ ọ́n. Bí a bá fi àyè kún àyè, tí lílé jáde dín kù, tí àìbá náà sì dín kù pẹ̀lú rẹ̀, a jẹ́ pé àwọn ohun tí wọ́n ń lé jáde wà lára èyí tí ẹnì kan ń padà wá béèrè. Ṣùgbọ́n bí lílé jáde bá pòórá tí àìbá kò sì yẹ̀, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó béèrè wọn mọ́. Tiwa, lójoojúmọ́, ẹgbàá lọ́nà ogún àìbá, ìyẹn 40,000, kí mẹ́mọ́rì tó pọ̀ sí i àti lẹ́yìn tó pọ̀ tán. Gbogbo ohun tí owó ìyá rà ni pé kí àwọn èsì tí kò wúlò pẹ́ nínú ilé títí wákàtí mẹ́rìnlélógún wọn fi pé. `expired_keys` ló wá ń gòkè dípò `evicted_keys`.

Kí ló dé tí kò sẹ́ni tó béèrè wọn? Mo wo orúkọ tí ètò náà fi ń kó èsì pamọ́ sínú káàṣì. Àwọn méjì rèé:

```
wa:ankara:pupa:alejo-8f31c2
wa:ankara:pupa:alejo-d07be4
```

Ẹni tó kọ ètò náà ti fi nọ́ńbà àlejò kọ̀ọ̀kan kún orúkọ. Èsì "àǹkàrá pupa" kan náà ni gbogbo ayé ń rí, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ní tirẹ̀ lọ́tọ̀ nínú káàṣì. Bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn bá wá àǹkàrá pupa, ẹ̀ẹ̀kan ẹgbẹ̀rún la ó gun òkè, ẹyọ ẹgbẹ̀rún aṣọ kan náà la ó sì tò síwájú ìsọ̀, tí a lẹ orúkọ onírúurú ènìyàn mọ́, tí àwọn tó ni ín kò sì ní padà wá.

Níbo wá ni bíbá mílíọ̀nù mẹ́rin ó lé ti wá? Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan tí oníbàárà bá ṣí máa ń béèrè ìlànà ìkànnì lọ́wọ́ káàṣì: orúkọ ìsọ̀, nọ́ńbà fóònù, iye owó ìfiránṣẹ́. Ibi mẹ́rìnlélógún lójú ìwé kan ṣoṣo ló ti ń béèrè ohun kan náà yìí, ó sì ń bá a nígbà gbogbo. Lẹ́yìn náà ló máa ń béèrè èsì ìwáṣọ lẹ́ẹ̀kan, kò sì ní bá a. Mẹ́rìnlélógún nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n: ìdá 96 wa nìyẹn.

Ibí yìí ni kí ẹ dúró sí díẹ̀, nítorí òun gan-an ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà. Ìdá bíbá ń ka ìbéèrè ní orí, orí. Kò wo èyí tó wúwo. A wọn àsìkò wọn ní mílísẹ́kọ́ǹdì, tí ẹgbẹ̀rún rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bíbéèrè nǹkan lọ́wọ́ káàṣì ń gba 1. Mímú ìlànà ìkànnì wá láti dátábéèsì ń gba 2. Èsì ìwáṣọ láti dátábéèsì ń gba 900. Ká ní kò sí káàṣì rárá, ojú ìwé kan yóò gba 48 fún ìlànà àti 900 fún ìwáṣọ: 948. Pẹ̀lú káàṣì wa, ó gba 24 fún ìlànà, 1 láti rí i pé èsì ìwáṣọ kò sí níbẹ̀, 900 láti mú un wá, àti 1 láti kó o pamọ́: 926. Mílísẹ́kọ́ǹdì 22 péré la jèrè, kò tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ojú ènìyàn kò lè mọ ìyàtọ̀ yẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá káàṣì ń ranni lọ́wọ́ lè lo ìṣirò kékeré yìí fún irú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀:

```
ere = ida_biba * asiko_dátábéèsì - asiko_kaasi
```

Gbogbo ìbéèrè ló ń san àsìkò káàṣì, yálà a bá a tàbí a ò bá a. Bíbá nìkan ló ń dá àsìkò dátábéèsì padà fún wa. Fún ìwáṣọ, ìdá bíbá wa jẹ́ òfo, nítorí náà káàṣì kì í ṣe ìrànlọ́wọ́ níbẹ̀, ó ń fi kún ìdúró ni. Redis kì í ya irú ìbéèrè kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì nínú `keyspace_hits`; gbogbo rẹ̀ ló dà pọ̀ sójú kan. Inú ètò ìkànnì fúnra rẹ̀ la ti ní láti ka ti ìwáṣọ lọ́tọ̀.

Àtúnṣe náà kò ju ọ̀sán kan lọ. A yọ nọ́ńbà àlejò kúrò, orúkọ di `wa:ankara:pupa`. A ní kí ojú ìwé béèrè ìlànà lẹ́ẹ̀kan, kó sì mú un dání títí yóò fi parí. Nítorí pé ìyá máa ń yí iye owó aṣọ padà láàárín ọjọ́, a sọ ọjọ́ orí èsì di ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹnikẹ́ni má baà rí owó àtijọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ní báyìí, nínú ìwáṣọ mẹ́wàá, a ń bá mẹ́fà. Ojú ìwé kan wá ní ìbéèrè méjì péré, ìdá bíbá gbogbo káàṣì sì já láti 96 wá sí 80. Ẹni tó bá ń wo nọ́ńbà yẹn nìkan yóò sọ pé a ti bà á jẹ́. Àmọ́ ìdúró tó jẹ́ 926 ti di nǹkan bí 362 tí a bá pín in dọ́gba, ẹni tí a bá tirẹ̀ níwájú ìsọ̀ kò sì dúró rárá.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé lílé jáde kì í dunni. Ẹ fojú inú wo iwájú ìsọ̀ tó gba aṣọ mẹ́ta, tí wọ́n sì ń béèrè mẹ́rin yípo: àdìrẹ, àǹkàrá, léèsì, aṣọ òkè, a tún padà sórí àdìrẹ. Bí òfin bá jẹ́ pé èyí tó ti pẹ́ jù tí wọ́n ti béèrè ni kó jáde, àdìrẹ ló máa jáde nígbà tí aṣọ òkè bá wọlé, àdìrẹ gan-an sì ni wọ́n máa béèrè tẹ̀ lé e. Àǹkàrá á jáde nítorí rẹ̀, òun náà ló sì kàn. A ò ní bá ẹyọ kan láé. Ẹ fi àyè kan ṣoṣo kún un, a ó máa bá gbogbo rẹ̀. Ètò tó ń ka gbogbo ọjà láti òkè délẹ̀ lóru máa ń fa irú èyí. Redis kì í tẹ̀ lé òfin yẹn délẹ̀délẹ̀. Márùn-ún ló máa ń ṣà wò kó tó yan èyí tó máa lé, bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, nítorí náà tirẹ̀ kì í burú tó bẹ́ẹ̀. Láti Redis 4.0 sì ni `allkeys-lfu` ti wà, tó ń dá èyí tí wọ́n ń béèrè léraléra sí.

Bákan náà, `evicted_keys:0` kì í ṣe àlàáfíà nígbà gbogbo. Bí a kò bá yan òfin kankan, `noeviction` ni Redis ń lò: tí àyè bá kún, kò ní lé nǹkan kan jáde, kò sì ní gba tuntun. Yóò máa kígbe pé:

```
OOM command not allowed when used memory > 'maxmemory'.
```

Ètò tó bá gbé igbe yẹn mì yóò kàn máa gun òkè lọ ní tirẹ̀, àìbá yóò máa gòkè, òfo yóò sì wà níwájú lílé jáde.

A ti dá mẹ́mọ́rì ìyá padà sí mégábáìtì 256, kò sì kún mọ́ rárá. Àìbá mẹ́rin nínú mẹ́wàá tó kù fún ìwáṣọ ni mo ń wò báyìí. Mo ti rí i pé "ankara pupa" àti "Ankara  pupa" tí ẹnì kan fi àyè méjì sí láàárín ṣì ń gba orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.