Bí Mo Ṣe Fún Un Ní Mẹ́ta: Òṣùwọ̀n Onídákọ̀ró fún Ìdáhùn Íńtáfíù

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní họ́ọ̀lù lọ́jọ́ Jímọ̀ tí Ẹgbẹ́ Oníròyìn ṣe íńtáfíù àṣedánrawò, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun kan. Àwa mẹ́ta la jókòó bí ẹni tó ń gbani síṣẹ́: tíṣà tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ìṣòwò, ààrẹ ẹgbẹ́ wa, àti èmi. Olúkúlùkù ń fi máàkì láti 1 dé 10 sí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a kó ìwé wa jọ, ọmọkùnrin kan ní kíláàsì wa gba 3 lọ́wọ́ ẹnì kan, ó gba 5 lọ́wọ́ ẹnì kejì, ó gba 7 lọ́wọ́ ẹnì kẹta, lórí ìdáhùn kan ṣoṣo. Èmi ni mo fún un ní 3.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré lásán. Ìyá kan tó ń ta ẹja yìnyín ní Igbókòdá ti ṣèlérí fún tíṣà wa pé òun máa mú ẹni tó bá mókè síṣẹ́ ní họlidé gígùn, kó máa ka páálí ẹja, kó máa gbowó, kó sì máa kọ ọ́ sínú ìwé. Owó oṣù wà níbẹ̀. Àwa mélòó kan mọ̀ pé owó yẹn ni ọmọkùnrin náà fẹ́ fi san owó ìdánwò rẹ̀.

Ìbéèrè tí a bi gbogbo wọn nìyí: “Sọ fún wa nípa ìgbà kan tí owó tàbí ọjà kò pé lọ́wọ́ rẹ. Kí lo ṣe?” Ọmọbìnrin kan dìde, ó fi Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara sọ pé olóòótọ́ ni òun, pé òun kì í fi iṣẹ́ ṣeré, pé ẹni tó bá gba òun kò ní kábàámọ̀. Gbogbo họ́ọ̀lù pàtẹ́wọ́. Mo fún un ní 9. Ọmọkùnrin tí mò ń wí ń wo ilẹ̀ ní tirẹ̀. Ó ń da èdè Ìlàjẹ pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń dúró, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun kó apẹ̀rẹ̀ edé mẹ́rìnlá sínú ọkọ̀ ní Ayétòrò fún àbúrò ìyá òun, ṣùgbọ́n mẹ́tàlá ló dé Igbókòdá. Ó ní òun kà á lẹ́ẹ̀mejì lójú ọlọ́kọ̀, òun pe àbúrò ìyá òun lórí fóònù kí oníbàárà tó fọwọ́ kan ohunkóhun, àfi ìgbà tí wọ́n wá rí i pé wọ́n ti ṣèèṣì sọ apẹ̀rẹ̀ kan kalẹ̀ ní èbúté tí ọkọ̀ yà sí lọ́nà. Láti ìgbà náà, ó ní òun máa ń kọ iye apẹ̀rẹ̀ sí pépà, ọlọ́kọ̀ á sì fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gbéra.

Ẹ tún un kà. Kí ni mo rí tí mo fi fún un ní 3? Ojú rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ ni mo fún ní máàkì, n kò fún ohun tó sọ.

Tíṣà wa kò bá wa jà. Ó kàn bi wá léèrè ohun tí 7 túmọ̀ sí. Ààrẹ ní 7 túmọ̀ sí “ó dára.” Èmi náà ní 7 túmọ̀ sí “ó dára,” ṣùgbọ́n ohun tó dára lójú rẹ̀ kọ́ ló dára lójú mi. Ó ní, “Nọ́ńbà yín ò ní ìdákọ̀ró.” Ta ni nínú wa níbí tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ tí a fi sílẹ̀ sójú omi lálẹ́ láìju ìdákọ̀ró? Bí ilẹ̀ bá fi mọ́, ìṣàn omi á ti gbé e lọ.

Ó wá sọ fún wa nípa Patricia Cain Smith àti L. M. Kendall, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí méjì ní Amẹ́ríkà. Ní 1963 ni wọ́n gbé irú òṣùwọ̀n kan jáde fún dídíwọ̀n iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Dípò kí wọ́n kọ “dára” tàbí “kò dára” sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà, ìwà tí ojú lè rí ni wọ́n kọ síbẹ̀, irú ohun tí nọ́ọ̀sì gidi máa ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn olórí nọ́ọ̀sì fúnra wọn ló sì mú àpẹẹrẹ wá, torí àwọn ló mọ iṣẹ́ náà. Ní 1980, Gary Latham àti àwọn mẹ́ta mìíràn mú irú èrò yìí wọ inú íńtáfíù fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìlàgi. Ọ̀kan nínú ìbéèrè wọn ni pé: ọkọ tàbí aya rẹ àti ọmọ rẹ méjì tí kì í ṣe ọmọdé mọ́ ní ọ̀fìnkìn, wọ́n wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sí ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tó lè wá wò wọ́n, iṣẹ́ rẹ yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta sí i, kí lo máa ṣe? Ẹni tó bá ní òun á jókòó sílé gba 1, ẹni tó bá ní òun á pe ọ̀gá lórí fóònù gba 3, ẹni tó bá ní ọ̀fìnkìn lásán ni, òun á lọ síbi iṣẹ́, gba 5. (Lójú tèmi, nílé wa, ẹni tó bá gba 5 yẹn máa gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, èèyàn rí ohun tí 5 wọn túmọ̀ sí, ó sì lè bá wọn jiyàn lórí rẹ̀.)

Bí a ṣe ṣe tiwa nìyí. A lọ bá ìyá ẹlẹ́ja náà àti èèyàn mẹ́ta mìíràn tó ń gba ọmọ síṣẹ́ ọjà, a ní kí wọ́n sọ ohun tí ojú wọn ti rí, dáadáa àti burúkú. A kò gba “ọmọ náà ya ọ̀lẹ” lọ́wọ́ wọn. A ní kí wọ́n sọ ohun tí ọ̀lẹ náà ṣe. Àpẹẹrẹ 27 la rí kọ sílẹ̀. A pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: ohun tí èèyàn ṣe nígbà tí ìṣirò kò pé, bó ṣe bá oníbàárà tó ń bínú sọ̀rọ̀, àti bó ṣe tètè jẹ́ kí ọ̀gá mọ̀ tí nǹkan bá bàjẹ́.

Ibi tó wá dùn mọ́ mi jù ni èyí tó tẹ̀ lé e. A da àwọn àpẹẹrẹ náà rú, a sì kà wọ́n fún ìyá márùn-ún mìíràn ní ọjà Igbókòdá, tí wọn kò mọ bí a ṣe pín wọn. A ní kí ìkọ̀ọ̀kan sọ ọ̀nà tí àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan bọ́ sí. Smith àti Kendall fi èyí wé iṣẹ́ ògbufọ̀: bí o bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí èdè mìíràn, tí ẹlòmíràn sì túmọ̀ rẹ̀ padà, ṣé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ló máa padà sí? Bí mẹ́rin nínú àwọn márùn-ún bá fi àpẹẹrẹ kan síbi kan náà, a mú un. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a jù ú nù. “Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí oníbàárà tó ní ṣéńjì òun kò pé” kò rí ibì kan dúró sí. Ẹni méjì fi í sí ìṣirò, ẹni mẹ́ta fi í sí oníbàárà. Ó lọ. Nínú 27, 16 ló kù.

Lẹ́yìn náà àwọn ìyá náà fún ìkọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà láti 1 dé 5. Àpẹẹrẹ kan gba 5, 5, 4, 5, 5. Bí a bá rò ó pọ̀, tí a pín in sí márùn-ún, 4.8 ni, ó sì di ìdákọ̀ró fún 5. Òmíràn gba 1, 5, 3, 2, 4. Ìpín tirẹ̀ jẹ́ 3 gééré, mo sì fẹ́ fi í sí 3. Tíṣà ní rárá. Àwọn èèyàn kò fẹnu kò pé 3 ni, ńṣe ni wọ́n fọ́n káàkiri, àárín wọn ló kàn bọ́ sórí 3. Irú ìdákọ̀ró bẹ́ẹ̀ kì í mú ilẹ̀. A yọ ọ́.

Nọ́ńbà kan yà mí lẹ́nu. Àpẹẹrẹ náà ni pé: “Owó kò pé, ó fi owó ara rẹ̀ dí i, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.” Èmi ì bá fún un ní 5 torí ó jọ ìwà ọmọlúàbí. Àwọn ìyá náà fún un ní 1, 2, 1, 1, 2, tó jẹ́ 1.4. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ọmọ mi, tó bá dí i lónìí, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ibi tó ti ń jò? Lọ́la ńkọ́?” Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí àwa tí a kò ta páálí ẹja kan rí jókòó sí kíláàsì ká máa dá ìdákọ̀ró ṣe.

Lórí ìṣirò tí kò pé, ohun tó wà nídìí nọ́ńbà wa nìyí. 5: ó tún un kà lójú ẹni tọ́rọ̀ kàn, ó sọ fún ọlọ́jà kí ọjà tó kúrò nílẹ̀, ó sì yí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ padà kó má bàa tún ṣẹlẹ̀. 3: ó tún un kà, ó sì sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bi í ló tó sọ, kò sì yí nǹkan kan padà. 1: ó bò ó mọ́lẹ̀, tàbí ó dá ẹlòmíràn lẹ́bi láìkà á. Ẹni tí kò sọ ìṣẹ̀lẹ̀ kankan náà wà ní 1, lẹ́yìn tí a bá ti bi í lẹ́ẹ̀kejì pé “ìgbà wo nìyẹn?” tí kò rí nǹkan sọ. 2 àti 4 wà fún ìdáhùn tó bá bọ́ sáàárín.

A ti gba ohùn gbogbo wọn sórí fóònù lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. A tún gbọ́ ọ, a sì pe ọmọbìnrin náà padà láti bi í ní ìbéèrè kejì yẹn, torí a kò bi í tẹ́lẹ̀. Olúkúlùkù wa kọ́kọ́ kọ ohun tí ẹni náà sọ sílẹ̀ kó tó kọ nọ́ńbà, a kò sì wo ìwé ara wa títí a fi parí. Ọmọkùnrin náà gba 5, 4, 5. Ọmọbìnrin náà gba 1, 1, 2. Ẹ má tíì bú u. Lórí oníbàárà tó ń bínú, ó sọ ìtàn gidi kan nípa ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, ó sì gba 5 lọ́wọ́ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nígbà tí ọmọkùnrin náà gba 3. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ti fún un ní 9 lórí gbogbo nǹkan, débi pé a kò mọ ibi tó ti dára ní tòótọ́.

Ohun méjì ṣì ń kọ mí lóminú. Àkọ́kọ́ ni pé òṣùwọ̀n yìí kò mọ irọ́. Ẹni tó bá ka ìwé ara ògiri yìí dáadáa lè lọ hun ìtàn apẹ̀rẹ̀ edé tirẹ̀. Ohun tí a lè ṣe ni ká bi í ní kúlẹ̀kúlẹ̀: èbúté wo, ta lo pè, kí ló sọ? Ìkejì ni pé mo mọ ohùn ọmọkùnrin náà, ojú sì ti ń tì mí. Ṣé 5 tí mo fún un, ìdáhùn rẹ̀ ló gbà á ni àbí ìtìjú mi? Ìdí nìyí tí tíṣà fi da ìdáhùn rẹ̀ kọ sí pépà láìkọ orúkọ, tó gbé e fún tíṣà mìíràn tí kò sí ní họ́ọ̀lù, pẹ̀lú òṣùwọ̀n náà. Ìyẹn fún un ní 4.

Nígbà tí a ro ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ọmọkùnrin náà ló mókè, díẹ̀ báyìí ló fi ju ọmọbìnrin náà lọ. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ ní Igbókòdá. Lánàá, ó bá mi ní èbúté tí a ti ń wọkọ̀ lọ sílé, ó bi mí pé ta ló fún òun ní 3 lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Mo ní èmi ni.

Ó ní, “Mo mọ̀. Ìgbà tí mò ń sọ ti pépà tí ọlọ́kọ̀ ń fọwọ́ sí, o ò kọ nǹkan kan sílẹ̀.”